Báwo ni Q(x) ṣe kéré jù nígbà tí Q(x²) wà nínú rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ áljẹ́bírà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí.

Íńtígírà dómeènì tí mo mú ni D = Q[x]. Fíìdì àwọn ìdá rẹ̀ ni Q(x), níbi tí a/b àti c/d ti jẹ́ ọ̀kan náà bí ad = bc. Ẹ̀rí pé òun ló kéré jù yé mi: bí D bá wà nínú fíìdì K, gbogbo b tí kì í ṣe òdo ní b⁻¹ níbẹ̀, a ó sì gbé a/b lọ sí ab⁻¹. Bí ad = bc, ab⁻¹ = cd⁻¹, àfi tí a bá jẹ́ òdo nìkan ni ab⁻¹ fi lè di òdo.

Q(x²) ló dí mi lọ́nà. Fíìdì ni, inú Q(x) ló wà, kò sì ní x nínú. Ká ní x = f(x²)/g(x²), a jẹ́ pé x·g(x²) = f(x²); dígírì apá ọ̀tún ṣeé fi 2 pín, ti apá òsì kò ṣeé pín. Síbẹ̀, Q[x²] wà nínú rẹ̀, òun àti Q[x] sì rí bákan náà pátápátá tí a bá ti fi x² rọ́pò x.

Mo dán an wò pẹ̀lú Z, kò ṣẹlẹ̀, torí kò sí fíìdì mìíràn nínú Q.

Ṣé dandan ni kí a kọ́kọ́ yan ọ̀nà kan pàtó tí D gbà wọ inú fíìdì kí a tó lè sọ pé "ó kéré jù"? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ibo gan-an nínú ẹ̀rí òkè yìí ni a ti lò ó?