Ojú méjì 👀 lábẹ́ ọ̀rọ̀ owó: kí ni ẹ̀yin ti rí?

Màmá Aláṣọ, Tákíẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń gba owó èésú fún àwa méjìlá kan tá a jọ ń tajà. ₦20,000 ni oníkálukú ń dá lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦240,000. Inú gúrúùpù wa lórí Wáàsáàpù la ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, ẹ bá a yọ̀." Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú wa fi ojú méjì sílẹ̀ báyìí: 👀. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Àwọn yòókù ń kí ẹni tó kówó, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i.

Ṣùgbọ́n èmi wò ó dáadáa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn ló dáhùn. Ó padà sókè, ó fa ọ̀rọ̀ mi àtẹ̀yìnwá yọ, níbi tí mo ti ní, "Ó ku ẹni méjì tí kò tíì san," ìdí ìyẹn ló gbé ojú náà sí. Ohun tó ń bi mí yé mi kedere: bí ẹni méjì ò bá tíì san, ₦40,000 ló dín, báwo ni owó ṣe wá pé?

Mo dá a lóhùn níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo ní ẹnì kan gbé owó tirẹ̀ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èkejì ní kí n bá òun san án, òun á fún mi lọ́jọ́ ọjà. Mo gbé rìsíìtì tiránsífà síbẹ̀, ₦240,000 gééré. Ó kọ "Ẹ ṣé mà," ọ̀rọ̀ parí.

Ìbéèrè mi ni pé, báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ èyí tó kàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń fura sí yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Kọ́ọ̀sì, LAUTECH

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ní tiwa, 👀 kì í ṣe ìjà rárá. Nínú gúrúùpù kíláàsì wa, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé, "Mo gbọ́ nǹkan kan nípa tẹ́ẹ̀sì ọ̀la o," ká tó ṣẹ́jú, ojú ti kún ibẹ̀: 👀👀👀. Ohun tá à ń sọ ni pé, "Máa bá a lọ, à ń gbọ́." Bí ojú náà bá ṣe pọ̀ tó ni ara ṣe ń yá wa tó. Mo rò pé àwọn àgbà ló máa ń rí ìfura níbi tí kò sí. Ẹni yẹn lè kàn fẹ́ mọ̀ ni, mà.

Màmá Aláṣọ

Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tó ti kọjá lọ sókè.

Bàbá Káfíńtà, Awẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Oníbàárà mi kan fi ojú méjì yìí ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí mo sọ iye kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Ọmọ mi ní bóyá ẹnì kan ló ń ṣọ́ fóònù mi, tó ń ka ohun tí mò ń kọ. Mo ti pa fóònù náà láti àná. Ṣé kí n pààrọ̀ nọ́ńbà ni?

Atúnfóònùṣe, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ tan fóònù yín sà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín. Àwòrán lásán ni, oníbàárà yín ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ẹ kọ̀wé sí ti ṣí i, àmì méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín ni kí ẹ máa wò, ó máa ń di búlúù bí onítọ̀hún bá ti kà á, àfi tó bá ti pa búlúù yẹn nínú Wáàsáàpù rẹ̀. Ojú oníbàárà yín, iye owó ló ń wò. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé igi tí ẹ máa lò.

Ní ti ìbéèrè Màmá, ohun tí mo ti kíyè sí nìyí. 👀 ò ní ẹnu, kò ní irun ojú. Lójúkojú, ẹnu ẹni tó ń wò wá la fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló wà nínú rẹ̀ tàbí ẹ̀gàn. Èyí ò ní nǹkan kan tá a lè fi mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé e tì ló ń pinnu ohun tó ń sọ. 😒 kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìyẹn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ ti fà wálẹ̀, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ọkàn rẹ̀. 🙄 ń wo òkè, ọ̀rọ̀ ti sú olúwa rẹ̀ ni. 👀 àti 😒 ti wà nínú àmì tí àwọn fóònù jọ ń lò láti ọdún 2010, 🙄 dé ní 2015.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mo gbé fóònù tòkunbọ̀ kan sí gúrúùpù ọlọ́jà wa, àwòrán mẹ́ta, iye rẹ̀ ₦95,000, mo sì kọ ọ́ pé bátìrì rẹ̀ ṣì jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ fi 👀 sábẹ́ àwòrán. Mo kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀, ó ti ń bi mí ibi tí òun ti lè rí i. Oníbàárà nìyẹn. Ẹni kejì fa ọ̀rọ̀ nípa bátìrì nìkan yọ, ó fi 👀 kan ṣoṣo sí i. Ìyẹn mọ iṣẹ́. Fóònù tí wọ́n ti lò pẹ́, tí bátìrì rẹ̀ wá pé báyẹn, àfi kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹni tó ń tà á máa parọ́. Mo ṣàlàyé pé èmi ni mo fi bátìrì tuntun sí i, mo gbé àwòrán èyí tí mo yọ síbẹ̀. Àmì kan náà ni, abẹ́ ọjà kan náà ni, àmọ́ ibi tí wọ́n gbé e sí ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Òṣìṣẹ́ Orí Ẹ̀rọ, Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Àwọn ará òkè òkun ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé, Slack la fi ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, bí mo bá kọ ìṣòro kan tí ọ̀gá mi fi 👀 sí i, ó ń sọ pé, "Mo ti mú un, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ọkàn mi á balẹ̀ ni. Bí màmá mi bá fi irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mi ní gúrúùpù ẹbí, ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá.

Olùkọ́ Àná, Akẹ́san, Ọ̀yọ́

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin ọmọ mi, àmọ́ ẹ ti gbàgbé ọjọ́ orí. Nílé tí wọ́n bí mi sí, ojú ni ìyá wa fi ń bá wa wí. Bí àlejò bá gbé oúnjẹ fún ẹ, ìyá á wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá sì ní o ti yó. Nítorí náà, bí àgbà bá fi 👀 ránṣẹ́ sí ọmọdé, ìkìlọ̀ ni lójú tèmi, ibi yòówù kó gbé e sí.

Ti ọmọdé sí àgbà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tá à ń dáwó òkú ẹ̀gbọ́n wa, àgbà ilé wa kọ iye tó kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó àbúrò wa kan kọ "😒" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìjà! Wọ́n ní ó fi àwòmọ́jú wo bàbá láàárín ẹbí. Ọkọ rẹ̀ ní iye owó ni inú rẹ̀ ò dùn sí, kì í ṣe bàbá. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún àwọn àgbà pé owó ló ń wò. Ọkọ ló wá lọ dọ̀bálẹ̀. Ká ní ó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó yìí wúwo fún wa," wọn ì bá ti dín in kù fún wọn.

Màmá Aláṣọ

Mo dúpẹ́, mà. Ó ku ẹyọ kan tí kò tíì yé mi. Lọ́jọ́ tí mo gbé rìsíìtì yẹn sílẹ̀, fóònù mi dún, ó gbé e wá sójú rẹ̀ pé ẹlòmíì nínú wa ti lẹ 👀 mọ́ rìsíìtì náà, kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ o. Nígbà tí mo fi máa wọ inú gúrúùpù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ṣé ojú mi ló ṣì rí ni?

Atúnfóònùṣe

Ojú yín ò ṣì rí, mà. Bí èèyàn bá lẹ àmì mọ́ ọ̀rọ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ nìkan ni fóònù máa ń dún létí rẹ̀. Bó bá tún tẹ àmì náà, ó lè yọ ọ́ kúrò, kò sì ní fi ipa kankan sílẹ̀, kò dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ tó máa ń fi àkọlé sílẹ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fura ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ ju kó kọ ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ tún ro eléyìí: nígbà tí Wáàsáàpù gbé lílẹ àmì jáde ní 2022, mẹ́fà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, 👍 ❤️ 😂 😮 😢 🙏. 👀 ò sí láàárín wọn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fi + sí i, kí èèyàn lè wá èyí tó bá wù ú. Ìyẹn ni pé àṣìtẹ̀ ò wọ́pọ̀ fún 👀. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ wá a ni.

Ọmọ Kọ́ọ̀sì

Ṣùgbọ́n bọ̀dá, fóònù tèmi máa ń gbé èyí tí mo bá lò ṣáájú sí iwájú nígbà tí mo bá ṣí ibi ìmójì. Ó lè lọ wá a fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, kó wá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sí ti Màmá, kó sì yọ ọ́.

Atúnfóònùṣe

O sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Mi ò lè búra sí i.

Màmá Aláṣọ

Bó ti wù kó rí, oṣù yìí, orúkọ gbogbo ẹni tó bá san àti ọ̀nà tó gbà san án ni mo máa kọ kí n tó fi owó ránṣẹ́.

Ọmọ Kọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi mà. Mo gbé àwòrán òde àríyá sí sítátọ́ọ̀sì mi lóru àná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, fi 👀 ránṣẹ́. Ẹyọ kan péré.

Olùkọ́ Àná

Ìyẹn ò ní ìtumọ̀ méjì. Ìkìlọ̀ ni. Pè é báyìí, kó o sì sọ ìgbà tó o padà sílé.

Ọmọ Kọ́ọ̀sì

Mo ti pè é, mà. Kò tiẹ̀ béèrè òde. Ó ní òun rí i pé mo rù nínú àwòrán náà, ó ní ṣé mò ń jẹun dáadáa.