Iyán ń gbé ṣúgà mi sókè ju ẹ̀wà lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Àtọ̀gbẹ ni mò ń bá yí, oògùn mẹtifọ́mìn sì ni mò ń lò. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi kí n tó jẹun, tí mo sì ń tún un wọ̀n ní wákàtí méjì sí ìgbà tí mo fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó gún ìka.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ iyán, 118 mg/dL di 236. Ìrẹsì funfun gbé e láti 121 dé 214. Ẹ̀wà tí n kò fi dòdò sí gbé 116 dé 152 péré. Dókítà mi kò fẹ́ kó kọjá 180.

Ó yé mi pé iyán tètè ń dà nínú, àti pé ẹ̀wà kì í yára di ṣúgà. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìfiwéra náà, nítorí òkìtì iyán ni mo jẹ, ẹ̀wà kò sì ju ṣíbí ìbùjẹ kan lọ. Epo inú ẹ̀wà náà ńkọ́? Ṣé kò ní mú kí ṣúgà gòkè lẹ́yìn tí mo ti wọ̀n ọ́n tán?

Ọmọ Èkìtì ni mí, ó nira fún mi láti pa iyán tì. Ẹ̀yin tí ẹ dín in kù sí ìdajì, tí ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, èló ni ẹ bá lẹ́yìn wákàtí méjì?