Lẹ́tà sí olùtajà nípa ATmega8L-8PU: kí ni mo gbàgbé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu níbí ni mo ti ń tún ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin adìẹ ṣe. ATmega8L-8PU ni ọpọlọ bọ́ọ̀dù wọn, àwọn tó ṣe é sì ti ní kí a má fi ṣe bọ́ọ̀dù tuntun mọ́, ATmega8A ni kí a lò dípò rẹ̀. Fáìlì `.hex` nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, kóòdù tí wọ́n fi ṣe é ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè lo ATmega88: ẹsẹ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì inú wọn yàtọ̀, fáìlì àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Mo dán ATmega8A-PU kan wò, mo to fíúsì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ooru sì dúró lórí 37.5 títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà kan mo kàn bi olùtajà kan pé, “Ṣé ẹ ní ATmega8?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó dé jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 32 pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jó mọ́ orí bọ́ọ̀dù. Kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mi rárá. Ó dùn mí gan-an.

Lẹ́tà tuntun náà rèé:

“Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ATmega8A-PU, ẹlẹ́sẹ̀ 28, ẹyọ 60. Mélòó ló wà nílé lónìí? Ìyókù ńkọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà lẹ́yìn tí mo bá sanwó? Bí ẹ bá fẹ́ fi òmíràn dípò, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí mi kí ẹ tó fi ránṣẹ́.”

Ṣé kí n tún bèèrè fọ́tò orí rẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sí? Àbí kí n kọ́kọ́ ra 10?