Ẹ gbà mí o: basófíìlì 9 nínú 100 lórí síláìdì kan ṣoṣo?

Àṣàkẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣiṣẹ́ láàbù ẹ̀jẹ̀ níbí? Ọ̀la ni wọ́n máa wo bí mo ṣe ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun kí wọ́n tó jẹ́ kí n máa dá ṣiṣẹ́, síláìdì tí mo sì fi ń dánra wò lálẹ́ yìí ti fẹ́ dà mí lórí rú. Mo ka 100. Nútírófíìlì 58, lìmfósáìtì 26, mónósáìtì 7, eosinófíìlì 0, basófíìlì 9. Basófíìlì kì í sábà ju 1 lọ nínú 100! Mo tún un kà, bákan náà ló rí. Kí ni mo ń wò gan-an?

Bọ̀dá Kúnlé: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Abala núkílíọ́sì ni kó o máa kà. Tó bá pín sí méjì, eosinófíìlì ni. Tó bá ti di mẹ́ta sókè, nútírófíìlì ni. Àwọ̀ máa ń tanni jẹ, núkílíọ́sì kì í purọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mónósáìtì lẹ ń sọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n kọ mónósáìtì 11 sí i, wọ́n sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó léwu ni?

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Àṣàkẹ́, kó o tó wo sẹ́ẹ̀lì funfun kankan mọ́, wo sẹ́ẹ̀lì pupa. Àwọ̀ wo ni wọ́n ní? Omi wo lo sì fi ṣan síláìdì náà?

Àṣàkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, wọn ò pupa dáadáa. Wọ́n rí bí eérú tó fẹ́ di aláwọ̀ ewé. Bọ́fà ti tán nínú ìgò, omi ẹ̀rọ ni mo fi ṣan án.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́fà wa máa ń wà ní pH 6.8 torí pé ibẹ̀ ni aró pupa àti aró búlúù ti ń pín iṣẹ́ ṣe dáadáa. Tí omi bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, búlúù á gba gbogbo síláìdì, eosini, ìyẹn aró pupa, ò sì ní mú. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀, bó o ṣe rí i yẹn. Ẹni tó máa ń jìyà rẹ̀ jù lẹ́yìn ìyẹn ni eosinófíìlì, torí eosini ló ń fún àwọn hóró inú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Tí eosini ò bá mú, hóró yẹn á ṣókùnkùn, á rí bí eérú tàbí búlúù, ojú á sì kà á sí basófíìlì. O ní eosinófíìlì 0 àti basófíìlì 9. Ó jọ pé àwọn kan ti pààrọ̀ orúkọ fúnra wọn.

Àṣàkẹ́: Háà! Ṣé kí n kàn gbé gbogbo wọn sí eosinófíìlì ni?

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Rárá o. Padà sí lẹ́ǹsì 100 pẹ̀lú òróró, kó o wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbàgbé àwọ̀. Béèrè nǹkan méjì péré lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, ṣé o rí núkílíọ́sì rẹ̀ kedere? Hóró eosinófíìlì máa ń kún inú sáítópíláàsìmù bámúbámú, àmọ́ wọn kì í sábà bo núkílíọ́sì. Ti basófíìlì ń gun orí núkílíọ́sì, bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn dúdú lé e, débi pé wàá máa wá ibi tí núkílíọ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, ṣé àwọn hóró náà dọ́gba? Ti eosinófíìlì rí róbótó, ó tóbi, gbogbo wọn sì bára wọn dọ́gba. Tó o bá yí ojú máíkírósíkóòpù lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, wọ́n máa ń tàn yinrin. Ti basófíìlì kò dọ́gba, ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, ibì kan á kún, ibì kan á ṣófo.

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ ò dá mi lóhùn, Ẹ̀gbọ́n. Ṣebí kíka abala ló yá jù?

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Bọ̀dá Kúnlé, ẹ má bínú, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Lóòótọ́, abala méjì ni eosinófíìlì sábà máa ń ní. Àmọ́ mo ti rí alábala mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin náà á ti rí i. Nútírófíìlì náà lè ní méjì, ó sì wà nínú ìdílé àwọn kan pé gbogbo nútírófíìlì wọn ni kì í ju abala méjì lọ. Tẹ́ ẹ bá fi abala nìkan ka irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ eosinófíìlì 60 fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Bọ̀dá Kúnlé: Ìdílé mélòó ni ìyẹn? Tí síláìdì bá pọ̀ nílẹ̀ tí aago sì ń lọ, ẹ ò lè máa yí lẹ́ǹsì sókè sódò lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa fi yege lọ́la.

Túndé: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ìrísí núkílíọ́sì nìkan ló kó ẹnì kan sí wàhálà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kọ mónósáìtì 19 fún aláìsàn kan tí ibà ń ṣe gan-an. Ohun tó rí ni pé núkílíọ́sì wọn tẹ̀ kọ́rọ́ bíi ti mónósáìtì, kò pín sí abala rárá. Nígbà tí ọ̀gá tún síláìdì wò, 14 nínú wọn jẹ́ nútírófíìlì tí kò tíì gbó, àwọn tí mùdùnmúdùn inú egungun ń tú jáde kíákíá nígbà tí kòkòrò bá wọ ara. Ìyẹn gan-an ni dókítà ń wá, wọ́n sì ti fi orúkọ mónósáìtì bò ó mọ́lẹ̀! Ọ̀gá wá pè wá jọ, ó ní ká yé wo bó ṣe tẹ̀, ká wo inú rẹ̀. Kíromátìnì nútírófíìlì ki, ó dì gúlúgúlú, ó sì dúdú. Ti mónósáìtì fẹ́lẹ́, ó rí wúruwùru bí okùn tí wọ́n hun, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Sáítópíláàsìmù mónósáìtì máa ń rí bí eérú tó dàpọ̀ mọ́ búlúù, ó sì sábà ní ihò díẹ̀. Ti nútírófíìlì pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Ẹ ṣeun, Túndé. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Bọ̀dá Kúnlé: Ti mónósáìtì yàtọ̀. Eosinófíìlì ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, 11 mi ńkọ́?

Túndé: Ìyá Ìbejì, mélòó ni wọ́n kọ fún àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun yín?

Ìyá Ìbejì: 4.0 ni wọ́n kọ.

Túndé: Ẹ fi 11 nínú 100 ṣe ìṣirò rẹ̀, 0.44 ló jẹ́. Iye yẹn kò ga rárá. Ìpín nínú 100 lè dà bíi pé ó ga nígbà tí àwọn yòókù kàn dín. Dókítà yín ló máa sọ èyí tó kù, àmọ́ ẹ má fi ìlà pupa yẹn bá oorun yín jà.

Ìyá Ìbejì: Olúwa á bù kún ẹ.

Àṣàkẹ́: Mo ti padà dé o! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Nínú 9 yẹn, 6 ní hóró tó dọ́gba róbótó, núkílíọ́sì wọn ṣí sílẹ̀ kedere, wọ́n sì ń tàn bí mo ṣe ń yí lẹ́ǹsì. Ìkan jẹ́ lìmfósáìtì. Núkílíọ́sì rẹ̀ rí roboto, ó gba gbogbo inú sẹ́ẹ̀lì, sáítópíláàsìmù kàn yí i ká tín-ín-rín, àmọ́ àwọn àmì dúdú kan wà lórí rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irú àmì yẹn wà lórí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: O káre! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró nìyẹn, kì í ṣe hóró. Hóró kì í jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì lọ jókòó sórí ẹlòmíì. Wàá tún rí i pé ojú tó mọ́ fún un kì í ṣe ojú kan náà tó mọ́ fún sẹ́ẹ̀lì, torí òkè ló wà. Sẹ́ aró náà kó o tó lò ó lọ́la. Èyí tó kù ńkọ́?

Àṣàkẹ́: Méjì ló kù. Hóró dúdú díẹ̀ wà nínú wọn, wọ́n sì ní àwọn ihò funfun kéékèèké. Núkílíọ́sì ò bò tán, kò sì ṣí tán. Mi ò lè sọ.

Bọ̀dá Kúnlé: Basófíìlì ni! Hóró basófíìlì máa ń yọ́ nínú omi. O fi omi ẹ̀rọ ṣan án, ó pẹ́ lójú omi, àwọn hóró kan ti lọ, àyè wọn ló kù sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Mo gbà pé hóró basófíìlì ń yọ́ nínú omi, Bọ̀dá Kúnlé, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Àmọ́ nútírófíìlì tó ń bá àrùn jà lè ní hóró tó dúdú kirikiri àti ihò pẹ̀lú. Àṣàkẹ́, ìgbà wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn?

Àṣàkẹ́: Láàárọ̀. Ó ti wà nínú túùbù EDTA látìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Ìyẹn náà ń fa ihò. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú EDTA, sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èmi ò ní búra lórí méjì yẹn. Kí ni ẹ̀rọ kọ?

Àṣàkẹ́: Túùbù ìdánrawò ni, kò ní ìwé ẹ̀rọ.

Túndé: Ẹ̀gbọ́n, aró wo lẹ̀ ń lò lọ́dọ̀ yín? Àwa tí a wà ní Bọ́sítìnì, Wright ni. Ìlú wa ló ti jáde!

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Àwa ará Lọ́ńdọ̀nù, Leishman la mọ̀. 1901 ló gbé tirẹ̀ jáde, Wright yín wá tẹ̀ lé e ní 1902. Ẹ kí wa kú iwájú.

Túndé: Àgbà tó ṣáájú kọ́ ló ń mọ̀nà jù! Ti wa ló mú hóró hàn kedere.

Bọ̀dá Kúnlé: Ọmọ Romanowsky ni àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà ní Tòróńtò sinmi.

Àṣàkẹ́: Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá sọ̀rọ̀ núkílíọ́sì látìgbà tí mo ti dé síbí. Lójú máíkírósíkóòpù, èmi nìkan ni mo máa ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi ṣì ń fi Yorùbá ka sẹ́ẹ̀lì nínú ọkàn mi, bí àwọn ará ibi iṣẹ́ tilẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Àṣàkẹ́: Kí ni kí n kọ fún méjì yẹn o?

Bọ̀dá Kúnlé: Basófíìlì 2.

Ẹ̀gbọ́n Fúnmi: Má kọ nǹkan kan. Wá bọ́fà 6.8, fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ṣe síláìdì tuntun, ibi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti kan ara wọn díẹ̀ láìgun ara wọn ni kó o ti kà. Tí basófíìlì bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, má ṣe fojú fò ó. Àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń mú un pọ̀ lóòótọ́, ìgbà yẹn wàá sábà rí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú egungun tí kò tíì gbó tó ti jáde sínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Pe ọ̀gá wá wò ó.

Bọ̀dá Kúnlé: Basófíìlì ni ṣá. Ya fọ́tò méjèèjì wá kó o tó ju síláìdì yẹn nù.