Dídí, títì àti kíkọ̀: kí la ó pe pọ́ọ̀tù?

Atẹ̀wé, Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ ìwé ìtọ́ni fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ímeèlì ń wọlé sórí Thunderbird mi, àmọ́ èyí tí mo bá kọ kì í jáde. Ẹni tó bá mi wò ó ní wọ́n ti dí pọ́ọ̀tù 25. Kí la ó pe pọ́ọ̀tù yìí?

Olùkọ́, Bódìjà: Èbúté ni. Ibi tí ẹrù ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde ni.

Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Àgódì: Olùkọ́, ẹ má bínú. Lójú àlàyé yẹn, èbúté kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, ìyẹn ò sì jẹ́ kí ìṣòro Ìyá wa tó ń tẹ̀wé hàn. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá wa gba lẹ́tà tó sì ń bá wa fi í ránṣẹ́, dà bí ilé tó ní ilẹ̀kùn púpọ̀, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ilẹ̀kùn 993 la ti ń kó lẹ́tà tó wọlé; ilẹ̀kùn mìíràn la ń gbé tiwa gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lè ṣiṣẹ́ kí èkejì má ṣe é. Ilẹ̀kùn 25 sì ni sáfà fi ń gbé lẹ́tà fún sáfà mìíràn. Àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń dí i torí kọ̀ǹpútà tí kòkòrò ti wọ̀ ń gba ibẹ̀ tú lẹ́tà jìbìtì síta. Ẹ lọ sí Outgoing Server, ẹ fi 587 àti STARTTLS sí i. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú Terminal láti dán ọ̀nà wò, ẹ fi orúkọ sáfà yín rọ́pò tibí:

```
nc -vz smtp.example.com 587
```

Oníṣòwò, Dùgbẹ̀: Tèmi ń lọ o, àmọ́ inú àpótí pàǹtí làwọn oníbàárà ń bá a. Ṣé ilẹ̀kùn náà ni?

Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Rárá, ẹ̀gbọ́n. Tiyín ti jáde nílé. Ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Atẹ̀wé: Ó kọ `succeeded`. Mo tún fi ránṣẹ́, ó gbé `535` jáde.

Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ọ̀nà ti là nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà lára orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù. Ẹ kọ àdírẹ́sì ímeèlì yín tán pátá, pẹ̀lú `@` àti ohun tó tẹ̀lé e.

Atẹ̀wé: Ó ti lọ! Ẹ ṣeun gan-an.

Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Ìyá, ẹ má fi “dí” nìkan bo gbogbo rẹ̀ nínú ìwé yín. Tí àṣẹ yẹn bá dúró pẹ́ títí tó fi kọ `timed out`, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dí ọ̀nà: ẹ gba íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ mìíràn lórí fóònù, bó bá lọ, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín ni ìdíwọ́ wà. Bó bá kọ `refused` lójú ẹsẹ̀, ẹ ti dé ibẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ ni kò tọ̀nà. `535` ní tirẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n kọ̀ yín.

Olùkọ́: Mo gba dídí, títì àti kíkọ̀. “Ilẹ̀kùn” ni mi ò tíì gbà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá bá ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún ń pe ìyẹn ní pọ́ọ̀tù, ṣé ilẹ̀kùn náà ni?

Atẹ̀wé: “Ilẹ̀kùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì” ni màá kọ báyìí, màá fi “pọ́ọ̀tù” tẹ̀lé e. Ẹ bá mi wá orúkọ fún ihò wáyà.