Iye àgbédé àbí iye àsandé? Ọ̀rọ̀ tó yẹ ìwé ìdíyelé kajú

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oníbàárà kan ní Fiẹtnám ní ká kọ iye kajú wa ránṣẹ́, kajú tí a kò tíì pa, kí a kọ ọ́ ní FOB Lagos, ìyẹn iye ẹrù tó ti wà nínú ọkọ̀ òkun ní Èkó, àti ní CIF Ho Chi Minh, ìyẹn iye tí owó ọkọ̀ òkun àti ti ìdójútòfò ti wà nínú rẹ̀, kí sámpù sì tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì la ó kọ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ ka tiwọn ní Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo ti kọ «iye orí ọkọ̀» fún FOB, «iye àgbédé» fún CIF, àti «ìtọ́wò» fún sámpù. Ṣé àwọn ọ̀rọ̀ yìí gún, àbí ẹ ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan. «Àgbédé» dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, gbé àti dé, à- tó ṣáájú wọn ló sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbọ́ ọ ní ọjà. «Iye orí ọkọ̀» ni kò tíì jinná, torí ẹni tó bá kà á lè rò pé owó ọkọ̀ là ń wí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ «iye àgbélé-ọkọ̀». Àwọn méjèèjì á wá bára mu: ní ti àgbélé-ọkọ̀, ọrùn yín ni ẹrù wà títí ẹ ó fi gbé e sínú ọkọ̀, ní ti àgbédé, ọrùn yín ló wà títí yóò fi gúnlẹ̀ ní Fiẹtnám.

Aṣètò ẹrù ọkọ̀ òkun, Àpápá

Olùkọ́, ẹ kú orí ire. Mo gba «àgbélé-ọkọ̀» tọwọ́ tẹsẹ̀. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ni mi ò lè jẹ́ kó kọjá, nítorí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ olùtajà gbà gbọ́, òun náà ló sì ń mú wọn dá owó padà níbi tí kò yẹ.

Nínú CIF, olùtajà ló ń san owó ọkọ̀ òkun, òun ló sì ń san owó ìdójútòfò títí dé èbúté oníbàárà. Àmọ́ bí ẹrù bá bàjẹ́ lójú òkun, oníbàárà ló ni àdánù. Ibi tí àdánù ti kúrò lọ́rùn olùtajà nínú CIF kò yàtọ̀ sí ti FOB rárá: ìgbà tí ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀ ní Èkó ni. Owó ń bá ẹrù lọ sí Fiẹtnám, ṣùgbọ́n Èkó ni ewu ti pààrọ̀ ọwọ́. Ìgbìmọ̀ Okòwò Àgbáyé tó wà ní Párìsì ti ń kọ òfin yìí, tí wọ́n ń pè ní Incoterms, sílẹ̀ láti 1936, èyí tó dé kẹ́yìn sì ni ti 2020. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ «Incoterms 2020» mọ́ ẹ̀gbẹ́ iye yín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òfin àtijọ́ bá yín jà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní kọ̀nténà kan gba tọ́ọ̀nù 25, tí iye àgbélé-ọkọ̀ sì jẹ́ 1,200 dọ́là fún tọ́ọ̀nù. Ká ní ọkọ̀ òkun gba 2,000 dọ́là lórí kọ̀nténà náà, tí ìdójútòfò gba 100. Ẹ pín in sí 25: 80 dọ́là ni ti ọkọ̀, 4 dọ́là ni ti ìdójútòfò. Iye CIF á jẹ́ 1,284 dọ́là fún tọ́ọ̀nù. Dọ́là 84 tó lé yẹn, owó iṣẹ́ tí ẹ bá oníbàárà san ni, kì í ṣe owó ewu tí ẹ gbà rù.

Ó wá ku ọjọ́ kan, oníbàárà kọ̀wé pé omi òkun wọ kọ̀nténà, kajú ti hu èbù. Ẹni tó ti ka «àgbédé» nínú ìwé tirẹ̀ á ní, «A ò tíì gbé e dé nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dín owó kù fún un.» Bẹ́ẹ̀ ìwé ìdójútòfò ló yẹ kí oníbàárà fi béèrè owó lọ́wọ́ adójútòfò, tí tiyín sì jẹ́ pé ẹ ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìwé ẹrù. Ìkan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin àti òun mọ̀ ṣáájú: ìdójútòfò tí CIF fi dandan lé yín lọ́rùn ni èyí tó kéré jù. Ó gbọ́dọ̀ tó ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹrù, ṣùgbọ́n iná, kí ọkọ̀ rì, kí ọkọ̀ kọ lu òmíràn àti irú wọn ló wà fún. Omi òkun tó kàn wọ kọ̀nténà kò sí nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ èyí tó gbòòrò, kó sọ ọ́ kí ẹ tó dá iye, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún un.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ nínú CIF ni san. «Iye àsandé»: a san án dé ibẹ̀. Ẹ má fi «àgbédé» ṣòfò. Òfin yẹn ní àwọn mìíràn, bíi DAP, níbi tí olùtajà ti ru ewu dé ilẹ̀ oníbàárà lóòótọ́. Àwọn yẹn ni «àgbédé» wà fún.

Olóòrí, Ṣakí

Ẹ kú ìjókòó o. Ti sámpù ni kí n sọ sí, torí mo ti jìyà rẹ̀. Ẹ má fi sámpù sínú ọ̀rá lásán. Òrí kílò méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó yọ́ lójú ọ̀nà, ó da sára àwọn ìwé tó bá a lọ, obìnrin náà ò sì dá mi lóhùn mọ́. Ike olómorí líle ni mo ń lò báyìí, mo sì ń kọ ọjọ́ tí a po òrí náà sí i lára.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìnáwó, Ìyá wa. Orúkọ tí a ó pe sámpù nínú ìwé ni mo béèrè, ṣùgbọ́n a ó mú ti ike náà lò. Aṣètò ẹrù, ẹ ṣeun gidigidi. Ṣé «ìtọ́wò» dára?

Aṣètò ẹrù ọkọ̀ òkun, Àpápá

Rárá o, ẹnìkan kì í tọ́ kajú tútù wò. Epo inú èèpo rẹ̀ á bó onítọ̀hún lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun méjì ni ẹ ń pè ní sámpù, ó sì yẹ kí ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ni ẹ fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra kó tó rà. Wọ́n á gé kílò kan lára rẹ̀. Ká ní ọmọ inú tó dára jẹ́ gíráàmù 265, tí èyí tó ní àbàwọ́n jẹ́ 14. Ìdajì ni wọ́n máa ń ka alábàwọ́n, ìyẹn 7, àpapọ̀ rẹ̀ 272. Ẹ fi 0.176 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bíi 48. Ìyẹn ni pé àpò kílò 80 á mú ìwọ̀n pọ́n-ùn 48 ọmọ inú jáde, òun ni wọ́n ń kọ ní KOR. Iye owó yín dúró lé nọ́ńbà yẹn lórí. Bí ẹ bá lọ ṣa kajú tó dára jù láti oko kan, tí ẹ gba 50, tí ohun tí ẹ kó láti oko yòókù sì jẹ́ 45, ẹ ti kọ ìlérí tí ẹ ò lè mú ṣẹ. Ẹ fa díẹ̀ láti inú àpò tó pọ̀, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ tó wọn kílò kan.

Èkejì ni wọ́n ń fà nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù sí kọ̀nténà. Wọ́n á dì í, wọ́n á fi èdìdì sí i, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ ayẹ̀ruwò. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn

Mo ti gbọ́ ti «àsandé», mo sì fara mọ́ ọn. Fún sámpù, mo dábàá «àwòrà» fún èyí tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó rà, àti «àmúpamọ́» fún èyí tó ní èdìdì. KOR ńkọ́? Bí ẹ bá pa á, ẹ ó yọ ọmọ inú: «àpayọ».

Alájàpá kajú, Kétu

Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, CAF ni ẹ ó rí nínú ìwé, kì í ṣe CIF, nítorí Faransé la fi ń kọ ọ́. Bí a bá ń lo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Yorùbá tó wà ní apá ibí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. «Àsandé» á yé àwa méjèèjì. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba wa ti dá kíkó kajú tútù jáde dúró, ọmọ inú tí wọ́n ti pa nìkan ló ń lọ. Nítorí náà «àpayọ» lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọjà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ tún un rò.

Aṣètò ẹrù ọkọ̀ òkun, Àpápá

Ẹ̀tọ́ lẹ sọ. Kí ẹ má wàhálà lórí KOR, ẹ kọ «ìwọ̀n àpayọ», ó ti yàtọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ rò jinlẹ̀ ni FOB fúnra rẹ̀. Kọ̀nténà kì í ti ẹnu ọ̀nà ilé ìkóẹrù yín wọ ọkọ̀. Ẹ ó fà á lé àgbàlá èbúté lọ́wọ́, ó sì lè jókòó síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé, nínú oòrùn. Lábẹ́ àgbélé-ọkọ̀, gbogbo àkókò ìjókòó yẹn, ọrùn yín ni. Bí omi inú kajú bá sì ti lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ̀nténà á làágùn nínú, omi á máa ti òkè rẹ̀ kán sórí àpò. Nítorí èyí ni òfin Párìsì fi ń gba àwọn oníkọ̀nténà nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo FCA, níbi tí ewu ti kúrò lọ́rùn yín ní kété tí ẹ bá ti fa ẹrù lé ẹni tí oníbàárà yàn lọ́wọ́. Mo pè é ní «iye àfàlélọ́wọ́».

Síbẹ̀, ẹ má pa iye àgbélé-ọkọ̀ rẹ́. Òun ni ẹ ó kọ sínú NXP, fọ́ọ̀mù tí a fi ń forúkọ ẹrù tó ń jáde ní Nàìjíríà sílẹ̀, lórí rẹ̀ sì ni ìjọba ti ń gba ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ì báà jẹ́ CIF lẹ tà.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn

«Àfàlélọ́wọ́» kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́wọ́ ta ni? Ó lè jẹ́ ọwọ́ awakọ̀ tẹ́rélà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè jẹ́ ọwọ́ àwọn ará èbúté.

Aṣètò ẹrù ọkọ̀ òkun, Àpápá

Méjèèjì ló ṣeé ṣe. Ibi tí ẹ bá dárúkọ lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò lè dá a sọ.

Olùkọ́ èdè, Ìbàdàn

Nígbà náà, kí a má pe é ní orúkọ kankan láìsí ibẹ̀. Mi ò tíì gbà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí mo kọ fún ìpàdé rèé, FCA á dúró ná:

«Kajú tútù, tọ́ọ̀nù 25. Iye àgbélé-ọkọ̀ ní Èkó: 1,200 dọ́là fún tọ́ọ̀nù. Iye àsandé, Ho Chi Minh: 1,284 dọ́là, àdánù kúrò lọ́rùn wa bí ẹrù bá ti wà nínú ọkọ̀ ní Èkó. Ìwọ̀n àpayọ 48, omi inú kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Àwòrà kílò méjì ń bọ̀. Àmúpamọ́ mẹ́ta la ó fà nígbà ìkẹ́rù.»

Aṣètò ẹrù ọkọ̀ òkun, Àpápá

Ó dára. Ẹ fi ọjọ́ tí iye náà yóò dópin sí i, owó ọkọ̀ òkun kì í dúró sójú kan. Ẹ sì kọ ibi tí wọn yóò ti yẹ àpayọ wò kẹ́yìn, Èkó ni àbí Fiẹtnám. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, oníbàárà á mú Fiẹtnám, ìwọ̀n tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n á sì fi gé owó yín.