Sikíìtì ìṣẹ́jú àáyá 15: kí ló dé tí wọ́n fi ń mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀?

Bàbá Tuntun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi ṣe sikíìtì kan, ìṣẹ́jú àáyá 15 géérégé. Ọkùnrin kan wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó pe ẹnì kan lórí fóònù. Ìyẹn nìkan gba ìṣẹ́jú àáyá 4. Ó wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ó ti sùn. Má kan ilẹ̀kùn o. Tó bá fi jí, a wọ gàù nìyẹn.” Mo fẹ́ kí olùwòran rò pé àlè ló ń pè, pé ìyàwó ilé ló sùn. Ó ṣílẹ̀kùn, obìnrin kan wọlé, bàtà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kámẹ́rà wá rọra yí lọ sórí ibùsùn, ọmọ jòjòló ló sùn síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń pè! Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì ń ráhùn pé ọmọ yìí ò jẹ́ káwọn fojú kan oorun, títí fídíò fi parí.

Àwọn tí mo fi hàn kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ láti àárín. Mo sì kọ “Àwa òbí tuntun” sókè fídíò kó lè tètè yé wọn. Níbo ló ti jò?

Yára-Gé:
Ó falẹ̀ jù ni, ọ̀gá mi. Gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, gé e dànù. Má fi àlàfo kankan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á ti fi ìka gbé e kọjá kí ọkùnrin yẹn tó jókòó.

Ọ̀rẹ́ Kámẹ́rà:
Fóònù wo lẹ fi yà á? Tí iná yàrá bá ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó máa rí ojú ọmọ yẹn dáadáa. Ẹ wá fìtílà tó mọ́lẹ̀.

Bàbá Tuntun:
Ẹ ṣé o, àmọ́ àwòrán mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rín ni mò ń wá.

Olóòtú Fídíò:
Àkọlé yẹn ló ń ṣe ọ́, àbúrò. “Òbí tuntun” ti sọ pé ọmọ wà nínú ilé, ó sì wà lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá wá ní “ó ti sùn”, ta ni kò ní mọ ẹni tó sùn? Yọ ọ́ pátápátá. Ẹ wo àwòrán iwájú fídíò náà pẹ̀lú, ìyẹn èyí táwọn èèyàn ń rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ Yára-Gé tọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀, kò tọ̀nà ní ìparí. Wíwọlé, títi ilẹ̀kùn àti jíjókòó yẹn, gé wọn. Kí fídíò ṣí sórí ojú ọkùnrin náà nítòsí, fóònù ti wà létí rẹ̀: “Ó ti sùn.” Ojú rẹ̀ nìkan ni kó kún àwòrán, kí etí ibùsùn tàbí aṣọ ọmọ má bàa yọ.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ni kẹ́ ẹ wá fara balẹ̀ sí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn méjèèjì, ti àlè àti ti ọmọ. “Ó ti sùn” dára, nítorí “ó” yẹn ò fi ẹni tó sùn hàn. “Má kan ilẹ̀kùn” náà bọ́ sí i. Fi “bọ́ bàtà rẹ síta” kún un, kí bàtà tó wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn má ṣàdédé yọ. Ṣùgbọ́n tí ọkùnrin bá fi lè sọ pé, “Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀,” irọ́ lẹ pa fún olùwòran yẹn, kì í ṣe pé ẹ tàn án. Tó bá rí ọmọ, inú á bí i dípò kó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí obìnrin bá wọlé, ìtàn àlè ṣì ń lọ, àfi kó tún lágbára sí i. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Kí àwọn méjèèjì dì, kí wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, láìsọ̀rọ̀, fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní àkókò yẹn, olùwòran ń retí kí ìyàwó ilé yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e tààrà sórí ọmọ. Kámẹ́rà tó ń rọra yí yẹn ń fi etí ibùsùn hàn kó tó fi ọmọ hàn, èèyàn á sì ti rò ó já kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀.

Bí mo ṣe rò ó: ojú àti ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí dé ìṣẹ́jú àáyá 6, ilẹ̀kùn àti obìnrin títí dé 9, ìdúró títí dé 10, ọmọ títí dé 12. Ó parí. Ìráhùn yẹn ń ṣàlàyé ẹ̀rín fún ẹni tó ti rẹ́rìn-ín tán. Ta ló sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ kún 15?

Àǹtí Alága:
Èmi kì í ṣe fídíò o, orí ìtàgé ni mo ti ń ṣàwàdà. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ẹ̀rín tán, mo máa ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn kí n tó tẹ̀ síwájú. Kí ló dé tí ẹ ní kó gé e wéré bẹ́ẹ̀?

Olóòtú Fídíò:
Ẹ ń rí ojú wọn ni, mà. Ẹ mọ ìgbà tí ẹ̀rín ń rọlẹ̀. Fídíò ò rí ẹnikẹ́ni. Àlàfo tó bá tẹ̀ lé ẹ̀rín níbẹ̀, ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ló ń jókòó sí i. Fídíò náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i á rí i lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Tuntun:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò jò mọ́ kí n tó gbé e jáde?

Olóòtú Fídíò:
Fi han ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 9, bi í pé, “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?” Tó bá sọ láìṣiyèméjì pé ọkùnrin ń yan àlè, ó ti bọ́ sí i. Tó bá mẹ́nu ba ọmọ, ó ṣì ń jò. Tó bá ní òun ò mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni kò tíì lágbára: ẹni tí kò gba ìtàn àkọ́kọ́ gbọ́, kò ní nǹkan tí ẹ máa já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ń wò láìsí ohùn, ẹ máa ní láti kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má kọ gbólóhùn mẹ́ta pa pọ̀. Ojú ń kàwé ṣáájú ẹnu. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Bàbá Tuntun:
Mo ti gé èyí tó wà nílẹ̀, mo sì fi han èèyàn méjì. Ọ̀kan fò sókè pé, “Ìyàwó ẹ̀ máa pa á!” Èkejì ní òun rò pé olè ni wọ́n, pé onílé ló sùn.

Olóòtú Fídíò:
Olè náà dára! Ìtàn tó ṣì í lọ́nà ni, tó sì dá a lójú. Má yí nǹkan kan padà nítorí ìyẹn.

Yára-Gé:
Mo ti gbà pé kí àlàfo wà ṣáájú ọmọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ la ojú rẹ̀ ní ìparí, kó wò wọ́n ṣùùṣù. Ẹ̀rín kejì nìyẹn.

Olóòtú Fídíò:
Mi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ṣì ń gba pé ọmọ ni, ẹ tún ti gbé òmíràn dé.

Àǹtí Alága:
Èmi fara mọ́ Yára-Gé. Ọmọ tó sùn dùn ún wò lásán, èyí tó lajú ni wàhálà.

Bàbá Tuntun:
Màá ya méjèèjì, bí ọmọ bá gbà fún wa. Kò tíì sùn báyìí.